Owó tí wọ́n jẹ tíṣà tó ti fẹ̀yìntì: bí lẹ́tà sí bọ́ọ̀dù ṣe yẹ kó rí, àti ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń há sínú fáìlì

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ń kọ sí bọ́ọ̀dù owó ìfẹ̀yìntì ló jọra. Wọ́n á kí alága, wọ́n á sọ iye ọdún tí wọ́n fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n á ka àìsàn tó ń bá wọn fínra, wọ́n á wá bẹ ìjọba pé kó ṣàánú wọn, kó san ohun tó jẹ wọ́n. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ó sì ń dunni láti kà. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tí lẹ́tà náà bọ́ sí lọ́wọ́ kò rí ohun tó máa fi ṣe. Kò rí iye owó. Kò rí oṣù tí gbèsè ti bẹ̀rẹ̀ àti oṣù tó parí. Kò tiẹ̀ mọ èwo nínú oríṣi gbèsè mẹ́ta ni wọ́n ń wí. Á fi lẹ́tà sínú fáìlì, á pa fáìlì dé, ọdún á sì máa gorí ọdún.

Oríṣi gbèsè mẹ́ta yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́, nítorí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà san ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Àkọ́kọ́ ni gìrátúítì, owó ńlá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó yẹ kí èèyàn gbà nígbà tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èkejì ni pẹ́ńṣàn oṣooṣù tí kò wọlé rárá ní àwọn oṣù kan, tàbí tí ó wọlé ní ààbọ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀kún owó: ìjọba ti fọwọ́ sí i pé kí pẹ́ńṣàn gòkè láti ọjọ́ báyìí, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù kò bẹ̀rẹ̀ sí í san án àfi lẹ́yìn ọdún kan, méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta yìí ló burú jù lójú tèmi, nítorí ó fara pa mọ́. Ẹni tí kò rí gìrátúítì gbà mọ̀ pé òun kò rí i gbà. Ẹni tí báǹkì kò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí lópin oṣù mọ̀ pé owó kò wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó ń wọlé fún lóṣooṣù, tí owó náà sì fi ẹgbẹ̀rún díẹ̀ kéré sí ohun tó tọ́ sí i, lè wà bẹ́ẹ̀ títí ayé láìmọ̀.

Lábẹ́ òfin, ẹni tó ń béèrè owó yìí kì í ṣe alágbe. Apá 210 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ló dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ sí pẹ́ńṣàn àti gìrátúítì. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá ohun tó tọ́ sí wọn dúró tàbí kí ó yí i padà sí ìpalára wọn, àfi bí òfin bá fàyè gbà á. Apá yìí kan náà ló sọ pé kí wọ́n máa ṣàtúnyẹ̀wò owó náà ní ọdún márùn-ún-márùn-ún, tàbí nígbà tí wọ́n bá tún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ṣe, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Apá 173 ló sọ irú rẹ̀ fún àwọn tó ṣiṣẹ́ fún ìjọba àpapọ̀. Apá 318, tó ń túmọ̀ ẹni tí a ń pè ní òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ka òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ tàbí tó ń náwó lé lórí mọ́ wọn. Tíṣà kò sí níta.

Báwo wá ni gbèsè ṣe ń ṣẹlẹ̀? Ti gìrátúítì rọrùn láti yé èèyàn. Lábẹ́ ètò àtijọ́, èyí tó dúró lórí òfin pẹ́ńṣàn nọ́mbà 102 ti ọdún 1979, òṣìṣẹ́ kì í dá owó kankan sílẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Inú owó tó ń wọlé fún ìjọba lóṣooṣù ni wọ́n ti ń yọ ti ẹni tó fẹ̀yìntì. Fún tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, inú àpò tí ìpínlẹ̀ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ jọ ń lò ni wọ́n ti máa ń gé e kí wọ́n tó pín ìyókù. Bọ́ọ̀dù á gba iye kan fún gìrátúítì lóṣù, yóò pín in fún àwọn tó wà lórí ìlà, àwọn tó kọ́kọ́ fẹ̀yìntì ni yóò sì kọ́kọ́ gbà. Bí àwọn tó ń fẹ̀yìntì lọ́dún bá pọ̀ ju àwọn tí owó náà lè san fún lọ, ìlà á máa gùn sẹ́yìn. Ìyẹn nìkan tó láti bí gbèsè ọdún mẹ́wàá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí kọ́bọ̀.

Ti pẹ́ńṣàn ààbọ̀ wá láti inú ìdààmú owó. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní 2014 sí 2015, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò lè san owó oṣù pé mọ́. Ìjọba àpapọ̀ fún wọn ní owó ìrànwọ́ ní 2015, owó Paris Club sì tẹ̀lé e, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fi san owó oṣù àti pẹ́ńṣàn tí wọ́n jẹ. Wọ́n san òmíràn tán, wọn kò san òmíràn tán. Oṣù tí wọ́n san ní ààbọ̀ nígbà náà kì í sábà hàn nínú ìwé bọ́ọ̀dù bíi gbèsè, nítorí nǹkan kan wọlé lóṣù náà. Ìwé báǹkì ẹni tó ni owó nìkan ló máa ń fi hàn pé ohun tó wọlé kò pé.

Ti ẹ̀kún owó ni ó gba sùúrù láti yé. Àjọ tó ń rí sí owó oṣù àti owó iṣẹ́ ní Àbújá ló máa ń gbé ìwé jáde pé pẹ́ńṣàn ti lọ sókè, àti ọjọ́ tí ẹ̀kún náà bẹ̀rẹ̀. Ní 2010, ẹ̀kún ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún bẹ̀rẹ̀ láti 1 Oṣù Keje. Owó oṣù tó kéré jù di ₦30,000 láti 18 Oṣù Kẹrin 2019, àtúnṣe pẹ́ńṣàn sì tẹ̀lé e. Ní 2024 nìkan, méjì ló dé: ẹ̀kún ìdá 20 sí 28 láti 1 Oṣù Kìíní, àti ₦32,000 lórí pẹ́ńṣàn oṣooṣù láti 29 Oṣù Keje, ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí òfin tó sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000. Ìwé yìí de ìjọba àpapọ̀. Ní ìpínlẹ̀, bọ́ọ̀dù á máa dúró de ìgbà tí gómìnà bá fọwọ́ sí i. Bí gómìnà bá fọwọ́ sí i lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í san owó tuntun láti oṣù náà, kí àlàfo ọdún méjì tó wà láàárín sì di gbèsè. Nítorí náà, kí tíṣà ìpínlẹ̀ tó kọ iye kankan, ó yẹ kó mọ ọjọ́ tí ìwé ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ní kí ẹ̀kún bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, NUP, máa ń ní ẹ̀dà rẹ̀ ní ẹ̀ka ìjọba ìbílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú tíṣà kan bí àpẹẹrẹ, ká sì bá a ṣírò tirẹ̀ dópin. Ìyá ni. Wọ́n gbà á síṣẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1 Oṣù Kẹsàn-án 1976, oṣù tí ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà tí ìjọba sì nílò tíṣà púpọ̀. Ó fẹ̀yìntì ní 1 Oṣù Kẹsàn-án 2009, nígbà tó pé ọgọ́ta ọdún. Ọdún 33 ló fi ṣiṣẹ́. Gbogbo owó tó ń gbà lọ́dún nígbà tó kúrò jẹ́ ₦600,000.

Ìṣirò ètò àtijọ́ kò le. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́wàá ní gìrátúítì ìdá 100 owó ọdún kan, àti pẹ́ńṣàn ìdá 30. Lórí ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá lé, gìrátúítì á fi ìdá 8 lé, pẹ́ńṣàn á fi ìdá 2 lé, títí dé ọdún 35, níbi tí gìrátúítì ti di ìdá 300 tí pẹ́ńṣàn sì di ìdá 80. Ìyá wa fi ọdún 23 lé mẹ́wàá. Gìrátúítì rẹ̀ jẹ́ ìdá 284, èyí tí í ṣe ₦1,704,000. Pẹ́ńṣàn rẹ̀ jẹ́ ìdá 76, ìyẹn ₦456,000 lọ́dún, ₦38,000 lóṣù.

Ká ní bọ́ọ̀dù san ₦500,000 nínú gìrátúítì náà fún un ní 2014, kò sì tún rí nǹkan kan gbà lẹ́yìn ìyẹn. Ó ku ₦1,204,000. Ká ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ gba ẹ̀kún ìdá 33 ti 2010 pẹ̀lú ọjọ́ 1 Oṣù Keje 2010, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní Oṣù Kìíní 2013. Ìdá 33 lórí ₦38,000 jẹ́ ₦12,540, pẹ́ńṣàn rẹ̀ yẹ kó di ₦50,540. Láti Oṣù Keje 2010 dé Oṣù Kejìlá 2012 jẹ́ oṣù 30, gbèsè ẹ̀kún owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦376,200. Ká tún ní láti Oṣù Keje 2015 dé Oṣù Kẹfà 2016, ààbọ̀ pẹ́ńṣàn ni wọ́n ń san. Ààbọ̀ ₦50,540 jẹ́ ₦25,270. Oṣù 12 rẹ̀ jẹ́ ₦303,240. Nígbà tí a bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ₦1,883,440 ni wọ́n jẹ ẹ́.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń ka èyí yẹ̀ wò kó tó mú bíírò. Ẹ mú pẹ́ńṣàn tí wọ́n kọ́kọ́ san fún yín lóṣù kan, kó tó gba ẹ̀kún kankan, ẹ sọ ọ́ di ti oṣù 12, ẹ wá fi owó ọdún ìkẹyìn yín pín in. Bí ti ìyá wa bá jẹ́ ₦37,000 dípò ₦38,000, ₦444,000 ni yóò jẹ́ lọ́dún, ìyẹn sì jẹ́ ìdá 74. Ìdá 74 ni ti ẹni tó ṣiṣẹ́ ọdún 32. Á jẹ́ pé ọdún kan ti sọ nù nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ibi tó sábà ń sọ nù sí ni pé ẹni tó ṣe ìṣirò mú ọjọ́ tó wà lórí ìwé ìfìdíṣẹ́múlẹ̀, tó máa ń jáde lẹ́yìn àkókò ìdánwò, dípò ọjọ́ tó wà lórí ìwé ìgbanisíṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ̀rún kan lóṣù lè dà bí ohun kékeré. Àmọ́ gìrátúítì rẹ̀ náà ti fi ₦48,000 dínkù, gbogbo ẹ̀kún tó sì tẹ̀lé e ni wọ́n ṣírò lórí iye tí kò tọ́. Irú àṣìṣe báyìí kò sí lórí ìlà kankan. Bí ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù bá wọ àpò bọ́ọ̀dù lọ́la, kò sẹ́ni tí yóò wá a jáde fún ìyá, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá kọ ọ́ síwájú wọn.

Èyí ni lẹ́tà tí mo rò pé ó tọ́ kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ kọ. Mo yọ orúkọ àti nọ́mbà kúrò.

Sí Alága,
Bọ́ọ̀dù Owó Ìfẹ̀yìntì Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀.

Sísan owó ìfẹ̀yìntì tí ẹ jẹ mí, ₦1,883,440. Nọ́mbà ìfẹ̀yìntì mi: …

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì ni mí, lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ … Wọ́n gbà mí síṣẹ́ ní 1 Oṣù Kẹsàn-án 1976, mo sì fẹ̀yìntì ní 1 Oṣù Kẹsàn-án 2009, lẹ́yìn ọdún 33. Owó ọdún mi ìkẹyìn jẹ́ ₦600,000. Orúkọ tó wà lórí ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi ni … Lẹ́yìn tí mo ṣe ìgbéyàwó, mo ń jẹ́ … Ìwé ìbúra kóòtù wà nínú àwọn ìwé tí mo so mọ́ lẹ́tà yìí.

Lórí gìrátúítì: ₦1,704,000 ló tọ́ sí mi. Ẹ san ₦500,000 sínú àkáǹtì mi ní 2014. Ó ku ₦1,204,000. Mo bẹ yín kí ẹ jẹ́ kí n mọ ibi tí mo wà lórí ìlà.

Lórí ẹ̀kún ìdá 33: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni 1 Oṣù Keje 2010. Oṣù Kìíní 2013 ni ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í san án fún mi. Oṣù 30 tó wà láàárín, ní ₦12,540 lóṣù, jẹ́ ₦376,200.

Lórí pẹ́ńṣàn ààbọ̀: láti Oṣù Keje 2015 dé Oṣù Kẹfà 2016, ₦25,270 ló ń wọlé dípò ₦50,540. Ìyókù oṣù 12 náà jẹ́ ₦303,240.

Mo so ẹ̀dà àwọn ìwé wọ̀nyí mọ́ ọn: ìwé ìgbanisíṣẹ́ àkọ́kọ́, ìwé ìgbéga ìkẹyìn, ìwé ìfẹ̀yìntì, ìwé owó oṣù mi ìkẹyìn, ìwé tí ẹ fi ṣírò owó mi, àti àkọsílẹ̀ báǹkì fún àwọn oṣù tí mo dárúkọ. Mo kópa nínú àyẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tó kẹ́yìn, ẹ̀dà ìwé rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Bí ìṣirò yín bá yàtọ̀ sí tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sí mi kí n rí ibi tó ti yàtọ̀. Ẹ ṣeun, sà.

Kò gùn. Ẹnu kò gbóná níbẹ̀, ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n akọ̀wé kò lè sọ pé òun kò mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Gbèsè kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, ó ní iye. Wọ́n lè gbé ti gìrátúítì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú ìlà, kí wọ́n gbé ti ẹ̀kún lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣírò owó, kí wọ́n sì gbé ti ààbọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀dítọ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà nínú gbólóhùn kan, tábìlì ẹni àkọ́kọ́ tí kò kàn ni lẹ́tà yóò dúró sí. Gbólóhùn tó kẹ́yìn, tó ní kí wọ́n kọ ìṣirò tiwọn padà, ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí bọ́ọ̀dù bá kọ ọ́ sórí ìwé pé ₦1,850,000 làwọn jẹ, kì í ṣe ₦1,883,440, wọ́n ti gbà pé gbèsè wà. Ìyókù kò ju àríyànjiyàn lórí ₦33,440 lọ.

Nípa orúkọ, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré ìlà tó sọ̀rọ̀ nípa ìgbéyàwó nínú lẹ́tà yẹn. Ọ̀pọ̀ ìyá tó wọ iṣẹ́ ní àwọn ọdún 1970 ló wọ̀ ọ́ pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn, tí wọ́n sì fẹ̀yìntì pẹ̀lú orúkọ ọkọ. Báǹkì tún lè ní orúkọ kẹta, bí wọ́n bá kọ lẹ́tà kan gbòdì nígbà tí wọ́n ń ṣe BVN. Nígbà tí owó bá wá jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kọ̀ǹpútà á kọ̀ ọ́, owó á padà sí àpò bọ́ọ̀dù, orúkọ ìyá á sì bọ́ sẹ́yìn. Ẹ tò wọ́n kí wọ́n bára mu ṣáájú. Ìwé ìbúra kóòtù kò wọ́n, ó sì máa ń gbani lọ́wọ́ ìdààmú tó pọ̀.

Bákan náà ni ti àdírẹ́sì. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lábẹ́ bọ́ọ̀dù ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ti ilé ẹ̀kọ́ girama ìpínlẹ̀ wà lábẹ́ ọ́fíìsì pẹ́ńṣàn ìpínlẹ̀. Ẹni tó kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó sì fẹ̀yìntì lábẹ́ ètò àtijọ́, PTAD ló ni tirẹ̀, iléeṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2013. Ẹni tó bá wà lábẹ́ ètò ìdáwó, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òfin 2004 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2014, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: owó tó wà nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni yóò béèrè, àti ẹ̀tọ́ ọdún tó fi ṣiṣẹ́ kí ètò náà tó dé. Gbèsè tí ìjọba àpapọ̀ jẹ lábẹ́ ètò ìdáwó yìí ló mú kí ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà fọwọ́ sí yíyá bílíọ̀nù 758 náírà ní Oṣù Kejì 2025. Owó yẹn kò kan ìyá wa, bó ti wù kí rédíò pariwo rẹ̀ tó.

Èyí tó kàn án ni ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní 11 Oṣù Keje 2024, tó ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn láìgba ọwọ́ ìpínlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn yọ̀ sí i, èmi náà rí ìdí tí wọ́n fi yọ̀. Ṣùgbọ́n inú àpò àjùmọ̀lò yẹn ni wọ́n ti ń gé owó tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì. Bí owó bá wá ń lọ tààrà, ètò gbọ́dọ̀ wà tí yóò jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa yọ ti bọ́ọ̀dù kó tó na ìyókù. Tíṣà lè kọ́ni ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin láàárín ọdún 33. Èwo nínú wọn ni yóò san gìrátúítì rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ olùkọ́ àti NUP tẹra mọ́, ju kí wọ́n kàn máa pín ìrẹsì ọdún.

Ọjọ́ tí ẹ bá gbé lẹ́tà lọ, ẹ̀dà méjì ni kí ẹ mú dání. Ẹ fún wọn ní ọ̀kan, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí èkejì, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lù ẹni tó gbà á. Ẹ má ṣe fi ojúlówó ìwé ìgbanisíṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó sọ pé alága fẹ́ rí i tó. Ẹ fi í hàn wọ́n, kí ẹ gbà á padà. Ọ̀pọ̀ ìwé 1976 ni òjò ti pa tàbí tí ikán ti jẹ nínú yàrá fáìlì, tó jẹ́ pé èyí tó wà nílé tíṣà nìkan ló kù láyé.

Bí wọn kò bá dáhùn, òfin òmìnira láti rí ìròyìn gbà, ti ọdún 2011, wà. Ó ní kí iléeṣẹ́ ìjọba dá ẹni tó béèrè àkọsílẹ̀ lóhùn láàárín ọjọ́ méje. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan ń sọ pé òfin yìí kò de àwọn, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ gíga jù lọ parí àríyànjiyàn náà ní Oṣù Kẹrin 2025: ó de gbogbo wọn. Lẹ́tà kejì kò ní béèrè owó. Ìwé ìṣirò gìrátúítì àti pẹ́ńṣàn yín ni yóò béèrè, àti àkọsílẹ̀ gbogbo owó tí wọ́n ti san fún yín. Ìwé méjèèjì yìí ni yóò fi àṣìṣe hàn bó bá wà.

Kóòtù ló kẹ́yìn. Apá 254C ìwé òfin fún ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní àṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ pẹ́ńṣàn àti gìrátúítì tí wọn kò san, ó sì ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn, Àkúrẹ́ àti Èkó. N kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ: ẹjọ́ máa ń pẹ́, ìdájọ́ kì í sì í sọ àpò òfìfo di kíkún. Ṣùgbọ́n ó ń so ìjọba mọ́ iye kan. Àwọn tó bá ti jọ fẹ̀yìntì lọ́dún kan náà lè jọ pe ẹjọ́ kan ṣoṣo, kí owó lọ́yà má baà wọ ọ̀kan lọ́rùn. Ẹ̀dà lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ ni lọ́yà yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Bí ẹni tó ni owó bá kú kí wọ́n tó san án, gbèsè kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Owó náà di ti àwọn àjogún, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù kì í dá ọmọ lóhùn bí kò bá ní ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún, èyí tí ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ máa ń fúnni. Níbi tí lẹ́tà ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Níbi tí kò bá sí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé 1976 kiri nínú àpótí tí olóògbé fi sílẹ̀.

Nígbà tí owó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, díẹ̀díẹ̀ ni ó sábà máa ń jáde. Wọ́n á gbé fọ́ọ̀mù síwájú ìyá wa pé kó fọwọ́ sí i. Kí ó kà á, tàbí kí ó mú ọmọ kan tó lè kà á fún un dání. Bí ó bá kà níbẹ̀ pé òun ti gba gbogbo ohun tó tọ́ sí òun, nígbà tó jẹ́ pé ₦400,000 nìkan ló wọlé, kí ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbuwọ́lù rẹ̀ pé apá kan ni òun gbà, kí ó kọ iye tó kù, ₦1,483,440, kí ó sì ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀dà kó tó kúrò níbẹ̀.